Mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ṣíìfìtì nínú gúrúpù, gbogbo wọn kà á, ẹnikẹ́ni ò dáhùn

Àìsùn_Òru:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa mẹ́rìnlá la wà nínú gúrúpù Wọ́sáàpù ẹ̀ka wa. Àbúrò mi ń ṣègbéyàwó ní Sátidé 14. Láti ìjẹta ni mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: «Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè bá mi mú òru Sátidé? A ní ìnáwó nílé.» Gbogbo wọn ti kà á. Ẹnì kan fi àtàǹpàkò sí i, àwọn tó kù dákẹ́. Ṣé kí n tún un kọ ni, àbí kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? Òní ni Mọ́ńdè 9. Òwúrọ̀ wa jẹ́ aago 6 sí 2, ọ̀sán jẹ́ 2 sí 10 alẹ́, òru jẹ́ 10 sí 6 àárọ̀. Mo wà lọ́ọ̀fù títí di Wẹ́sìdé 11. Mo ní òru Tọ́sìdé, Fúráìdé àti Sátidé. Lẹ́yìn ìyẹn mo wà lọ́ọ̀fù ní Sọ́ńdè, Mọ́ńdè àti Túsìdé, mo sì padà sí òwúrọ̀ ní Wẹ́sìdé 18.

Adúróṣinṣin:
Kí lẹ ń bẹ èèyàn sí? Ìgbéyàwó àbúrò ẹni ni wọ́n ṣe dá lííìfù sílẹ̀ fún. Ẹ gba fọ́ọ̀mù, ẹ kọ ọjọ́ kan sí i, ẹ fún ọ̀gá yín. Kò kan ẹlẹgbẹ́ yín rárá.

Atòrósítà:
@Adúróṣinṣin, lííìfù kọ́ ló béèrè. Rósítà ti jáde. Bí ó bá gba lííìfù nísinsìnyí, òru yẹn á dín èèyàn kan, ọ̀gá ni yóò sì máa wá ẹni tí yóò dí àyè náà láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sábà máa ń kọ̀ ọ́. Pípààrọ̀ kì í dín iye òṣìṣẹ́ kù, orúkọ nìkan ló ń yí padà, nítorí náà ó rọrùn fún ọ̀gá láti fọwọ́ sí i.

Àìsùn_Òru, ẹ má tíì tún nǹkan kan kọ. Ẹ wo ohun tí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ yín ní láti ṣe kó tó lè dáhùn. Ẹ kọ «òru Sátidé». Àwọn kan á kà á sí òru tó mọ́jú Sátidé, àwọn mìíràn á kà á sí Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè. Ẹ ò sọ ohun tí ẹ máa fún un padà, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ní láti ṣí rósítà, kó wá ọjọ́ tí ẹ wà lọ́ọ̀fù, kó wò ó bóyá ọjọ́ náà bá tirẹ̀ mu. Ẹ ò sì sọ ìgbà tí ẹ fẹ́ ìdáhùn. Iṣẹ́ ìṣirò tí ẹ gbé lé wọn lórí ni wọ́n ń sá fún. Àwọn mẹ́tàlá náà ń wo ara wọn, oníkálukú ń rò pé ẹlòmíì á dá a lóhùn.

Ẹ dáhùn ìbéèrè méjì fún mi ná. Aago mélòó ni ìgbéyàwó náà, báwo sì ni ọ̀nà ibẹ̀ ṣe jìn sí ibi iṣẹ́ yín?

Àìsùn_Òru:
Aago 12 ọ̀sán ni. Wákàtí mẹ́ta ni pẹ̀lú mọ́tò, èmi ni mo sì ń wa ọkọ̀ mi. Mo fẹ́ padà lálẹ́ Sátidé ọ̀hún, ìdí tí mo fi ní kí wọ́n bá mi mú òru nìyẹn.

Atòrósítà:
Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Òru tí ẹ béèrè kọ́ ló kọ́kọ́ dí yín lọ́wọ́. Fúráìdé mọ́jú Sátidé ni. Aago 6 àárọ̀ ni ẹ óò jáde níbẹ̀, òru Tọ́sìdé sì ti wà lára yín tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá sùn, ẹ ò ní bá ìgbéyàwó. Bí ẹ ò bá sùn, ẹ óò wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn òru méjì. Ẹ má ṣe é. Oorun lè gbé awakọ̀ lọ lẹ́yìn iṣẹ́ òru kó tó mọ̀.

Torí náà ẹ ní òru méjì láti wá ènìyàn sí: Fúráìdé 13 mọ́jú Sátidé 14, àti Sátidé 14 mọ́jú Sọ́ńdè 15. Ọ̀rọ̀ «mọ́jú» yẹn, ẹ máa lò ó nígbàkígbà tí ẹ bá ń kọ nípa òru. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣì í kà.

Kọ́lá_Ọ̀sán:
Ẹ rò ó dáadáa. Bí ẹnì kan bá lè mú méjèèjì, ẹ fún òun nìkan, ọ̀rọ̀ á sì parí lẹ́ẹ̀kan.

Atòrósítà:
Ẹ wò ó bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà. Ní Yúróòpù, òfin wákàtí iṣẹ́ wọn ti ọdún 2003 sọ pé kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 11 léraléra láàárín wákàtí 24, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ níbòmíràn ló sì ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé iṣẹ́ wọn. Ẹ fi wákàtí 11 wọn àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ óò rí i pé àwọn tó ṣẹ́kù kò pọ̀.

Ẹ mú Fúráìdé mọ́jú Sátidé. Ẹni tó wà lórí òwúrọ̀ Fúráìdé jáde ní aago 2, aago 10 alẹ́ ni òru bẹ̀rẹ̀, wákàtí 8 péré ló wà láàárín. Kò yẹ. Ẹni tó wà ní ọ̀sán Fúráìdé jáde ní aago 10 gan-an, yóò di wákàtí 16 léraléra. Kò yẹ rárá. Ẹni tó ní òwúrọ̀ Sátidé yóò máa bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí òru náà ń parí. Ẹni tó ní ọ̀sán Sátidé ní wákàtí 8 láti 6 àárọ̀ sí 2 ọ̀sán. Òun náà ò yẹ. Àwọn tó ṣẹ́kù ni ẹni tó wà lọ́ọ̀fù ní Fúráìdé tó sì tún wà lọ́ọ̀fù ní Sátidé, tàbí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru tirẹ̀ ní alẹ́ Sátidé. Láti 6 àárọ̀ sí 10 alẹ́, wákàtí 16 ni ẹni yìí ní láti sùn. Òun gan-an ni ẹ kọ́kọ́ wá, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn án.

Ẹni tó bá máa mú méjèèjì ní láti wà lọ́ọ̀fù ní Fúráìdé àti Sátidé, kó má sì ní iṣẹ́ ní Sọ́ńdè títí di aago 5 ìrọ̀lẹ́. Bóyá ẹ lè rí ẹyọ kan nínú mẹ́tàlá. Ẹ béèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Dọ̀tun:
Wákàtí 11 yẹn, òfin gbogbo ayé ni. Kò sí ọ̀gá tó lè fọwọ́ sí ohun tó bá kéré sí i.

Atòrósítà:
@Dọ̀tun, ó kù díẹ̀. Òfin Yúróòpù ni, ó sì ní àwọn àyè tó yọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan, bí ìsinmi náà bá padà wá lẹ́yìn ìgbà náà. Ní ibòmíràn, ìwé iṣẹ́ yín tàbí àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló máa sọ iye rẹ̀. Àwọn kan ń lo 8, àwọn kan 10, àwọn kan ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tí ó kàn ni pé kí Àìsùn_Òru mọ iye tí ọ̀gá tirẹ̀ ń lò kó tó mú orúkọ wá síwájú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àṣálẹ́:
Tiwa jẹ́ wákàtí 12, aago 7 sí 7. Ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ kí n pààrọ̀ ọ̀sán mi pẹ̀lú òru rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo sì tún ní láti wà níbẹ̀. Ṣé ó yẹ?

Atòrósítà:
Kò yẹ. Òru náà parí ní aago 7 àárọ̀, ọ̀sán yín sì bẹ̀rẹ̀ ní aago 7 àárọ̀ náà. Ẹ óò lo wákàtí 24. Pẹ̀lú ṣíìfìtì wákàtí 12, kó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán kan tẹ̀ lé ọ̀sán kan, ìsinmi tó wà láàárín jẹ́ 12 gan-an. Bí ẹ bá fi ogójì ìṣẹ́jú jókòó láti fa iṣẹ́ lé ẹni tó gba ipò yín lọ́wọ́, ó ti di wákàtí 11 àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín rí báyìí, ẹ fi odidi ọ̀sán kan sílẹ̀ lófìfo lẹ́yìn òru tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ìyá_Àkẹ́ẹ̀kọ́:
Àbúrò mi Àìsùn_Òru, ẹ jẹ́ ká sọ nípa ohun tí ẹ máa dá padà, torí ibẹ̀ ni ìfẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé «mo máa san án padà fún ọ». Ọ̀rọ̀ yẹn ò wúlò fún ẹni tó ń gbọ́ ọ, kò sí ọjọ́ tí ó lè fọwọ́ kàn. Ẹ dárúkọ ọjọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kó jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ti yín, kí ẹni náà ti gba tirẹ̀ kó tó ṣe tiyín. Ẹ wà lọ́ọ̀fù ní ọ̀la àti Wẹ́sìdé. Ẹni tó ní ọ̀sán Wẹ́sìdé tí kò dùn mọ́ ọn, tó sì rí i pé ó lè fi òru Fúráìdé gbà á kúrò lọ́rùn, á dá yín lóhùn kíákíá.

Atòrósítà:
Ìyá sọ̀rọ̀. Wẹ́sìdé 11 tún ní àǹfààní mìíràn. Bí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ yín bá jẹ́ Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè, ọjọ́ méjèèjì wà nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Wákàtí ẹlẹgbẹ́ yín dúró síbi tó wà, tiyín náà dúró síbi tó wà. Ẹ mú ẹni tó ní ṣíìfìtì márùn-ún lọ́sẹ̀, ìyẹn wákàtí 40. Bí ẹ bá fi Mọ́ńdè 16 san án padà fún un, á ní 48 lọ́sẹ̀ yìí, á sì ní 32 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ka ófátáìmù láti wákàtí 40 lọ́sẹ̀, iléeṣẹ́ á san wákàtí 8 ní iye tó ga. Ọ̀gá á rí i lójú ìwé owó oṣù. Ìdí kan tí wọ́n fi lè kọ pípààrọ̀ tí òṣìṣẹ́ méjèèjì ti gbà láàárín ara wọn nìyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ sì lè má mọ ìdí rẹ̀.

Bí Wẹ́sìdé kò bá bọ́ sí i, Mọ́ńdè 16 òwúrọ̀ àti Túsìdé 17 òwúrọ̀ dára fún yín. Túsìdé ọ̀sán kò dára, ẹ óò jáde ní 10 alẹ́, ẹ sì wà níbi iṣẹ́ ní aago 6 Wẹ́sìdé. Ẹ má kàn ṣí gbogbo ọjọ́ ọ́ọ̀fù yín sílẹ̀ fún wọn, ẹ wọn tiyín náà bí ẹ ṣe wọn tiwọn.

Kọ́lá_Ọ̀sán:
Èmi ò tiẹ̀ fara mọ́ gúrúpù. Ẹ kọ̀wé sí àwọn mẹ́ta tó yẹ ní ìkọ̀kọ̀. Nínú gúrúpù, ẹni tí kò lè ṣe é á máa tijú, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ á sì ti mọ pé ẹ ò fẹ́ wá kó tó di pé ẹ rí ènìyàn.

Ìyá_Àkẹ́ẹ̀kọ́:
Kọ́lá, mi ò gbà. Bí ẹ bá ń bẹ àwọn mẹ́ta kan náà ní ìkọ̀kọ̀ nígbà gbogbo, wọ́n á sú. Gúrúpù fún ẹni tí ẹ ò ronú kàn láàyè láti sọ pé òun lè ṣe é.

Kọ́lá_Ọ̀sán:
Ìyá, mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé ìkọ̀kọ̀ ló kọ́kọ́ yẹ. Ẹni tó bá sọ «rárá» fún mi ní ìkọ̀kọ̀ kì í fi í sínú.

Àìsùn_Òru:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣí rósítà. Mẹ́rin ló yẹ fún Fúráìdé, méjì lára wọn sì ń bẹ̀rẹ̀ òru ní Sátidé. Ẹ wo ohun tí mo fẹ́ kọ:

«Ẹ káàsán. Mò ń wá ẹni tí á bá mi pààrọ̀ ṣíìfìtì kan.
Tèmi: Fúráìdé 13, aago 10 alẹ́, mọ́jú Sátidé 14, aago 6 àárọ̀.
Ohun tí mo lè gbà lọ́wọ́ yín: Wẹ́sìdé 11 òwúrọ̀ tàbí ọ̀sán, Mọ́ńdè 16 òwúrọ̀, tàbí Túsìdé 17 òwúrọ̀.
Ìgbéyàwó àbúrò mi ni, ọ̀nà sì jìn.
Ẹni tó bá lè ṣe é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáhùn. Ẹ ṣeun.»

Atòrósítà:
Ó ti sún mọ́ ọn. Ohun mẹ́ta ló kù.

Ẹ kọ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ lórí ṣíìfìtì náà. Bí òru yẹn bá jẹ́ ti ẹ̀rọ kan tàbí ti iṣẹ́ kan tó ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí, ẹni tí kò ní ìwé náà ò lè gba ipò yín bó ti wù kó ní àyè tó.

Ẹ yọ «ẹ dáhùn» kúrò, ẹ sọ irú ìdáhùn tí ẹ fẹ́. Ẹ kọ pé: «Ẹ kọ "Mo gbà" àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kí n gbà, kó tó di aago 8 alẹ́ òní.» Àtàǹpàkò tí ẹni yẹn fi síbẹ̀ lè túmọ̀ sí «mo ti kà á», ó lè túmọ̀ sí «ẹ kú ìnáwó», ó lè túmọ̀ sí «mo gbà». Ẹ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ bi í tààrà. Ó ṣeé ṣe kí ó ti máa rò pé òun ti gba òru Sátidé lọ́wọ́ yín.

Ẹ sọ pé ẹni àkọ́kọ́ tó bá kọ ọ́ ni ẹ óò mú, kí ènìyàn méjì má baà da ètò ara wọn rú nítorí yín. Kété tí ẹ bá ti rí ẹnì kan, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti parí.

Nípa ti ìdí, ìlà kan tó. Ẹ ò ní láti sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Dọ̀tun:
Ẹ pin in sókè gúrúpù náà, kó má baà rì sábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́sáàpù á bi yín bóyá wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 30, ẹ mú wákàtí 24. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe ọjọ́, ìṣẹ́jú 15 péré ni ẹ ní láti tún un ṣe.

Atòrósítà:
Dọ̀tun, èyí wúlò gan-an. Ìṣẹ́jú 15 bá kọjá, ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ òmíràn. Ẹ má kọ «mo fẹ́ sọ 13, kì í ṣe 14» sábẹ́ rẹ̀. Òkè ni àwọn èèyàn ń kà, wọn kì í dé ìsàlẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ní gúrúpù mìíràn alábòójútó nìkan ló lè pin ọ̀rọ̀ sókè.

Dọ̀tun:
Nígbà tí ẹni náà bá ti kọ «Mo gbà» nínú gúrúpù, ó ti parí nìyẹn. Ẹ̀rí wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn ló rí i.

Atòrósítà:
Kò tíì parí o. Rósítà ṣì ní orúkọ Àìsùn_Òru nínú. Bí ẹni tó gbà á bá ṣàìsàn tàbí gbàgbé, orúkọ tó wà nínú rósítà ni wọ́n á pè ní aago 10 alẹ́, òun ni wọ́n á sì kọ sílẹ̀ pé kò wá. Ọ̀rọ̀ inú gúrúpù fi hàn pé ẹ̀yin méjèèjì ṣe àdéhùn, kò fi hàn pé ọ̀gá gbà.

Ẹ kọ̀wé kan sí ọ̀gá, kí ẹlẹgbẹ́ yín wà lára ẹni tó gbà á. Nínú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ méjèèjì, ṣíìfìtì méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, àti pé ẹ ti wo ìsinmi tó wà láàárín. Kí ẹlẹgbẹ́ yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ «mo gbà» sábẹ́ rẹ̀. Ẹ sì ní kó yí rósítà padà ní ibi méjèèjì. Àwọn ọ̀gá máa ń yí òru yẹn padà, wọ́n á sì gbàgbé Wẹ́sìdé tí ẹ gbà. Ìgbà tí Wẹ́sìdé bá dé, ẹ̀yin méjèèjì á wà níbi iṣẹ́, tàbí kí ẹnikẹ́ni má wá.

Ìyá_Àkẹ́ẹ̀kọ́:
Ẹ bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ bákan náà pé, bí àìsàn bá kọlu ọ̀kan nínú yín, ta ni yóò pe ọ̀gá. Ẹni tó wà nínú rósítà tuntun ni. Àwọn kan rò pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ṣíìfìtì ló gbọ́dọ̀ wá padà, ibẹ̀ ni ìjà sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àìsùn_Òru:
Mo ti dé. Ẹni tó fi àtàǹpàkò sí i sọ pé òun kàn ń kí mi kú ìnáwó ni. Mo kọ tuntun náà ní nǹkan bí aago 4. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ òru ní Sátidé kọ «Mo gbà, gba ọ̀sán Wẹ́sìdé mi» ní aago 6 kọjá. A ti kọ̀wé sí ọ̀gá, ó ní òun máa wo rósítà lọ́la. Ní ti Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè, mi ò tíì rí ẹnikẹ́ni.

Kọ́lá_Ọ̀sán:
Ẹ bẹ ẹni tó wà ní ọ̀sán Sátidé kó dúró títí di aago 12 òru, kí ẹ̀yin wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wákàtí méjì péré ló fi kún tirẹ̀.

Atòrósítà:
Ó ṣeé ṣe tí ọ̀gá bá gbà pé kí wọ́n pín ṣíìfìtì sí méjì, iléeṣẹ́ mìíràn kì í gbà nítorí bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ọ̀nà yẹn. Ẹ jí ní àárọ̀ Sátidé, ẹ wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ẹ ṣe ìnáwó, ẹ tún wa wákàtí mẹ́ta padà, kí ẹ wá ṣiṣẹ́ láti aago 12 òru di 6 àárọ̀. Èmi ò ní gbà á. Ẹ kọ ti Sátidé sínú gúrúpù ní ọ̀la gẹ́gẹ́ bí ẹyọ tuntun, ẹ fi Mọ́ńdè 16 òwúrọ̀ àti Túsìdé 17 òwúrọ̀ síbẹ̀, ẹ yọ Wẹ́sìdé 11 kúrò torí ó ti lọ. Lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé ní ìkọ̀kọ̀ sí àwọn tó yẹ, bí Kọ́lá ṣe wí. Bí ó bá di alẹ́ Wẹ́sìdé tí kò sí ẹnikẹ́ni, ẹ lọ bá ọ̀gá tààrà, kó ṣì ní ọjọ́ méjì láti wá ọ̀nà.

Ẹ má sì wọ mọ́tò ní Sátidé kí ẹ tó fi ojú ara yín rí i pé orúkọ ti yí padà nínú rósítà Fúráìdé.

Àìsùn_Òru:
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ní aago 9 àárọ̀ ọ̀la ni mo máa bi ọ̀gá.